Ìpàdé òbí ní Kétu: kí ni kí a sọ nípa fóònù òru àti àwọn tó ń fi àwòrán halẹ̀ mọ́ ọmọ?

Akọ̀wé Òbí, Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí ní kọ́léèjì kan níhìn-ín ní Kétu. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀ láti bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ lórí fóònù àti ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń bá pàdé lórí ayélujára. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò sì tó nǹkan, nítorí náà ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú níbẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, ọmọkùnrin ọdún 16 kan nínú ilé ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nínú kíláàsì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ta kẹ̀kẹ́ tí ó fi ń wá sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n jí i. Ìgbà tí olùkọ́ kan fara balẹ̀ bi í ni òótọ́ tó jáde. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin ti bá a ṣọ̀rẹ́ lórí Facebook, ó ti mú kí ó bọ́ aṣọ níwájú kámẹ́rà ní aago kan òru, ó sì ti ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bàbá ọmọ yìí wà nínú ilé kan náà ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tí a bi ọmọ náà léèrè ìdí tí kò fi sọ, ó ní bàbá òun ti ṣe ìbúra lójú gbogbo ará ilé pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ ìròyìn burúkú kan nípa fóònù yẹn ni òun yóò fi òkúta fọ́ ọ.

Ohun tí mo ń wá ni ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ fún àwọn òbí tí yóò mú kí ọmọ lè la ẹnu ní ọjọ́ kìn-ín-ní, àti ohun tí òbí yóò ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ tí ọmọ bá ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa, fóònù kékeré tí a fi ń pè nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn sì ní lọ́wọ́.

Bàbá Ìdòwú, Ṣábẹ̀ẹ́

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní, bí a ṣe ń ṣe é nílé mi nìyí. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, gbogbo fóònù yóò wọ yàrá mi, ibẹ̀ ni a sì ti ń ṣáàjì wọn títí di òwúrọ̀. Fóònù tèmi náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ní òun fẹ́ fi fóònù jí ní òwúrọ̀, mo ra agogo tábìlì kan fún un ní ọjà. Ìwà burúkú tí ẹ ń sọ yìí, òru ni wọ́n ń ṣe é, ọmọ tí kò sì ní fóònù lórí ibùsùn kò lè ṣe é.

Ní ti ọmọ tí wọ́n bá ti mú, èrò tèmi ni pé kí bàbá gba fóònù náà lójú ẹsẹ̀, kí ó yọ síìmù, kí ó pa ojú ìwé Facebook ọmọ náà rẹ́, kí ó sì pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ rẹ́, kí olè náà má baà rí i mọ́. Lẹ́yìn èyí, kò ní sí fóònù fún ọmọ náà títí yóò fi ṣe ìdánwò BAC.

Ìyá Ọ̀dọ́, Àjàṣẹ́

Ẹ kú àdúrótì ọmọ o, ẹ̀yin méjèèjì. Iṣẹ́ gbígbọ́ ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni mo ti ń ṣe fún ọdún méjìlá níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, irú ọ̀ràn yìí sì wà lára àwọn tí a ń gbọ́ léraléra.

Bàbá Ìdòwú, apá kìíní ọ̀rọ̀ yín dára púpọ̀, mo sì fẹ́ kí akọ̀wé mú un lọ síbi ìpàdé bí ó ṣe wà. Ọmọ tó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóru. Ọmọ tó ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ láti gbálẹ̀ kí ó sì pọn omi kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ti gbọ́dọ̀ sùn ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kí wákàtí 8 tó lè pé. Pé fóònù bàbá náà wà ní ibi kan náà ni kò jẹ́ kí òfin yìí dà bí ìyà lójú àwọn ọmọ. Kì í sì í ṣe oorun nìkan ni ó ń dáàbò bò. Àwọn ọ̀daràn yìí máa ń yan òru, nítorí pé ọmọ dá wà, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò yà wọ yàrá.

Apá kejì ni n kò lè bá yín gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni yóò rò pé pípa nǹkan rẹ́ lè tán an. Ẹni náà á béèrè ìbárẹ́ lórí Facebook tàbí Instagram, á fi àwòrán ọmọbìnrin arẹwà síbẹ̀, ó sì sábà máa ń ti ní ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú ọmọ náà kí ọmọ má baà fura. Láàárín wákàtí díẹ̀, á ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀ lọ sórí WhatsApp. Á pe ìpè olójú, á fi fídíò obìnrin kan tí wọ́n ti ká sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ hàn án, á sì ní kí ọmọ náà ṣe bíi tirẹ̀. Bí ọmọ bá ti ṣe é, wọ́n ti ká a sílẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà, èyí tí ó ti dà kọ láti ojú ìwé rẹ̀: ìyá rẹ̀ rèé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rèé, olùkọ́ rẹ̀ rèé. Owó ni yóò béèrè tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin náà rí i pé ọwọ́ olè ni fídíò wà báyìí. Bí bàbá bá pa ohun tó wà lórí fóònù ọmọ rẹ́, ẹ̀rí nìkan ni ó pa rẹ́, ohun tí olè fi ń halẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ digbí. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn lẹ́yìn náà, kò ní sí ohun tí ẹ ó fi han ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a máa ń ní kí òbí ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ kò pọ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀, nítorí ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan ti fi hàn wọ́n pé òun ní owó, ẹ̀rù sì ń ba òun. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ kàn dákẹ́ ni. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ ya àwòrán ojú fóònù níbi tí ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ àti nọ́ńbà tí wọ́n ní kí ó fi owó sí ti hàn, kí ó sì da àdírẹ́sì ojú ìwé ẹni náà kọ, nítorí ẹni náà lè yí orúkọ padà láàárín wákàtí kan. Àwòrán ìhòòhò ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ yà, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹbí kankan láti gba ìmọ̀ràn. Mo ti rí ìyá kan tí ó fi í sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí pẹ̀lú omijé lójú, láti ibẹ̀ ni ó ti dé ojú ọjà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú ẹ̀rí tán, ẹ tẹ `Signaler` kí ilé iṣẹ́ tó ni ojú ìwé náà lè rí i, kí ẹ tó wá dí ẹni náà lọ́nà.

Ẹ má sì fi ọmọ náà nìkan sílẹ̀ ní òru yẹn. Ìtìjú rẹ̀ tóbi ju bí àgbà ṣe lè rò lọ, àwọn ọmọ kan sì wà tí wọ́n ti rò pé kí àwọn kú ló sàn. Kí ẹnì kan tí ó fẹ́ràn sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Màmá Àgbà, Kétu

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ń sọ pé ojú ń ta òun, ó sì ń fún ojú tí ó bá ń wo pátákó. Ẹnì kan ní kí n ra awò tí wọ́n fi ń wo fóònù fún un, iye rẹ̀ kò sì kéré. Ṣé awò náà ni ẹ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìpàdé? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo máa wá.

Ìyá Ọ̀dọ́, Àjàṣẹ́

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìpàdé yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ra awò náà lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ ojú ọmọ wò. Ọmọ tí ń fún ojú wo pátákó lè máà rí ọ̀ọ́kán dáadáa, awò tí wọ́n ń tà fún fóònù kò sì lè ṣe àtúnṣe ìyẹn. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Ẹ sì wá sí ìpàdé ní Sátidé, màmá, nítorí pé ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ náà ń gbé, ẹ̀yin ni yóò sọ fún bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Oníṣòwò Wàǹdó

N kò fẹ́ kọ èyí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọjà Wàǹdó ni mo ti ń tajà. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà náà. Ẹni tí ó ṣe tirẹ̀ kì í ṣe àjèjì láti òkè òkun, ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ mọ ara wọn níbi ayẹyẹ ìgbéyàwó ni. Ọmọ mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i, nígbà tí wọ́n jà ni ó wá di ọ̀ràn.

Ọmọ sọ fún mi, mo sì dúpẹ́ pé ó sọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe àṣìṣe, mo ní kí n fi owó pa á ní ẹnu. Mo fi 20 000 fàráǹkì sí Mómò rẹ̀, ó ní òun ti pa á rẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ó béèrè 35 000. Mo wá a, mo san án. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan ó tún béèrè 50 000, ó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí èmi gan-an láti fi hàn pé kò tíì pa á rẹ́. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi obìnrin ní kí n dẹ́kun. A kó àwọn ìfiránṣẹ́ ìsanwó jọ, gbogbo wọn wà lórí fóònù mi pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà tó gbà á, a sì kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nọ́ńbà náà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí a bá ti pa àwọn ìfiránṣẹ́ yẹn rẹ́, a kò ní rí ohun kan fi hàn.

Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn òbí pé kì í ṣe ọkùnrin nìkan, kì í sì í ṣe àjèjì nìkan.

Atúnfóònùṣe, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìfẹ́ ọmọ, ìyá wa. Fóònù ni mo ń tún ṣe, àwọn òbí sì máa ń gbé ti ọmọ wọn wá fún mi pé kí n "fi nǹkan tì í". Ohun méjì péré ni mo máa ń ṣe kí n tó dá a padà, ẹ sì lè ṣe wọ́n níwájú àwọn òbí ní ìpàdé.

Èkíní ni àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́. Ìyá Ọ̀dọ́ ti sọ pé òun ni olè ń dà kọ láti fi halẹ̀. Lórí Facebook, ẹ wọ `Paramètres`, ẹ wá ibi tí wọ́n ti béèrè `Qui peut voir votre liste d'amis ?`, kí ẹ sì yan `Moi uniquement`. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Olè tí kò bá mọ orúkọ ìyá ọmọ, olùkọ́ rẹ̀ àti pásítọ̀ tàbí lemọ́mù rẹ̀ kò ní ohun tó pọ̀ láti fi dẹ́rù bà á. Ẹ fi sọ́kàn pé àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣì lè hàn, nítorí náà kí ọmọ má ṣe gba ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀ lójúkojú.

Èkejì ni ọdún ìbí. Nínú mẹ́wàá tí mo bá ṣí, bóyá ni mo fi ń rí mẹ́ta tí ọmọ kọ ọdún rẹ̀ gan-an síbẹ̀. TikTok kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 gba ìfiránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀, ó sì máa ń fi ìdíwọ̀n ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ sí ojú ìwé ẹni tí kò tíì pé 18, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà lè tẹ nọ́ńbà kan kí ó sì máa bá a lọ. Ọmọ ọdún 14 tó kọ pé òun jẹ́ 21 ti ti gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn ṣí fúnra rẹ̀, kò sì mọ̀.

Bí àwòrán bá ti jáde, ojú ìwé kan wà tí a ń pè ní Take It Down, ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ṣí i. Àdírẹ́sì rẹ̀ rèé:

```
takeitdown.ncmec.org
```

Ọmọ kò ní fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Fóònù rẹ̀ ni yóò ṣe àmì ìdánimọ̀ kan láti ara àwòrán náà, bí ìgbà tí a gba ìtẹ̀ka ènìyàn láìmú ènìyàn náà lọ. Àmì yẹn nìkan ni ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ bíi Facebook, Instagram àti TikTok, kí wọ́n lè dá àwòrán náà mọ̀ kí wọ́n sì yọ ọ́.

Bàbá Ìdòwú, Ṣábẹ̀ẹ́

Mo ti gbọ́, mo sì gbà pé mo ṣi ọ̀nà lórí pípa nǹkan rẹ́. Ṣé Take It Down yìí yóò wá yọ ọ́ kúrò lórí WhatsApp náà?

Ìyá Ọ̀dọ́, Àjàṣẹ́

Rárá, bàbá, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ gbangba kí ẹnikẹ́ni má baà gbẹ́kẹ̀ lé e ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ WhatsApp ni a ń tì pa láti fóònù kan dé èkejì, kò sí ẹni tó lè yẹ àwòrán inú rẹ̀ wò láàárín ọ̀nà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó bá ti gbà láti kópa nìkan ni àmì náà ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí ọmọ kò tíì pé 18 ni ó wà fún. Ẹni tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ní tirẹ̀, StopNCII ni wọ́n ń pè é. Ọmọ sì gbọ́dọ̀ ní àwòrán náà lórí fóònù rẹ̀ kí àmì tó lè jáde. Ọmọkùnrin Kétu tí wọ́n ká lórí ìpè olójú lè máà ní i rárá, àyàfi bí olè bá fi í ránṣẹ́ sí i láti halẹ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ yára pa nǹkan rẹ́.

Ní ti ibi tí a ó gbé ẹjọ́ lọ, a ní òfin lórí rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ó sì fi ìyà sí ẹni tó bá ṣe tàbí pín àwòrán ìhòòhò ọmọdé. Àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín lè gba ẹjọ́. CNIN ní Kùtọnù, tó rọ́pò OCRC, ni ó ń ṣe ìwádìí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rù àgọ́ bá ń bà yín, ẹ kọ́kọ́ lọ sí GUPS ìlú yín, ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ àwùjọ tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní CPS, kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá yín lọ.

Akọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ tí òbí lè sọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kí lo ń ṣe lórí fóònù yẹn?" nítorí ìdáhùn rẹ̀ kò ju "Kò sí nǹkan, bàbá" lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀ràn ẹlòmíràn, nígbà tí ọwọ́ yín jọ ń ṣiṣẹ́, bóyá ẹ jọ ń bó àgbàdo tàbí ẹ jọ ń bọ̀ láti oko. Ẹ ní, "Mo gbọ́ pé wọ́n fi fídíò halẹ̀ mọ́ ọmọ kan. Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ní kíláàsì yín?" Kí ẹ sì dákẹ́, kódà bí ó bá pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá sọ èyí tó ṣe kókó: "Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, wá sọ fún mi ní ọjọ́ yẹn gan-an. N kò ní gba fóònù, n kò ní nà ọ́, a ó jọ wá ọ̀nà ni." Òbí tí kò bá lè mú ìlérí yìí ṣẹ, kí ó má ṣe é rárá. Kí ó dárúkọ àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n kan tí ọmọ lè lọ bá dípò rẹ̀.

Bàbá Ìdòwú, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìlérí pé n kò ní gba fóònù ni ó ṣòro fún mi. Èmi ni mo rà á. Mo sì máa ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi láìsọ fún wọn, mo gbà pé ẹ̀tọ́ bàbá ni.

Oníṣòwò Wàǹdó

Bàbá, èmi náà kà á nígbà kan. Ọmọ mi mọ̀, ó sì ṣí ojú ìwé mìíràn tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Orí ojú ìwé kejì yẹn ni gbogbo ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ọ̀dọ́, Àjàṣẹ́

Mo rò pé ọjọ́ orí ni ó yẹ kí a wò. Ọmọ ọdún 12 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fóònù, ẹ lè sọ fún un ní gbangba pé ẹ ó jọ máa wò ó papọ̀. Ọmọ ọdún 17, n kò rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn òbí rere tí wọn kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí.

Akọ̀wé Òbí, Kétu

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ṣe ìpàdé lánàá. Òbí tó wá lé ní ogójì, Màmá Àgbà náà wà níjòókòó iwájú. Mo sọ ìtàn ọmọ wa láìdárúkọ, mo sọ ti oorun àti fóònù yàrá bàbá, mo sì lo ìyókù fún wákàtí àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ fóònù bá wa tọ́ka sí ibi `Moi uniquement`, a sì jọ yí i lórí fóònù mọ́kànlá.

Nígbà tí a dé ibi ìlérí, mo ní kí olúkúlùkù yíjú sí ẹni tó jókòó tì í kí ó sọ ọ́ fún un bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ kò lè sọ "n kò ní nà ọ́" dé òpin. Bàbá kan dìde, ó ní òun lè sọ pé òun kò ní gba fóònù, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí èkejì, a sì fi orúkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ síbẹ̀ dípò.

Ìbéèrè kan kù tí n kò rí ìdáhùn fún. Ìyá kan ní ọmọ òun kò ní fóònù, fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń lò ní ilé àwọn ọ̀rẹ́ náà, òun kò sì mọ àwọn òbí ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀, ṣé lọ́dọ̀ ọmọ ni àbí lọ́dọ̀ àwọn òbí yẹn? Mo ní n óò bi yín.

Ìyá Ọ̀dọ́, Àjàṣẹ́

Kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tirẹ̀, kí ó bi í orúkọ tí ó ń lò lórí fóònù náà, àti bóyá ó máa ń jáde kúrò lórí ojú ìwé rẹ̀ kí ó tó dá fóònù padà. Ọ̀rẹ́ tó bá rí ojú ìwé náà ní ṣíṣí lè kọ ohunkóhun ní orúkọ rẹ̀. Ní ti àwọn òbí yẹn, ẹ jẹ́ kí n bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní iṣẹ́ lọ́la kí n tó fèsì.